Bí a ṣe lè tú ìtàn inú ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ sí àkókò, okùnfà, ipa àti àtúnṣe: ọ̀rọ̀ fíríìjì àjẹsára

Àdùkẹ́ Akọ̀wé:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá wa dá ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo kọ padà fún mi, ó ní kí n pín in sí abala mẹ́rin tó wà nínú fọ́ọ̀mù tuntun: àkókò, okùnfà, ipa àti àtúnṣe. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ṣáà ń tún kọ sí abala mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó yẹ níbì kọ̀ọ̀kan? Ohun tí mo kọ nìyí:

"Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, iná lọ, ó sì padà dé, ṣùgbọ́n fíríìjì àjẹsára kejì kò ṣiṣẹ́ mọ́ nítorí pé nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a rí i pé ìgbóná inú rẹ̀ ti di dígírì 14, gbogbo àjẹsára sì bàjẹ́, a kó wọn dànù. A ti kìlọ̀ fún nọ́ọ̀sì náà, a sì ti sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n máa ṣọ́ra."

Ṣẹ̀yẹ:

Àǹtí Àdùkẹ́, iṣẹ́ yìí kò le. Ẹ fi nọ́ńbà sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbé e lọ sí àyè rẹ̀. Iná lọ, iná dé: àkókò nìyẹn. Nọ́ọ̀sì kò yẹ fíríìjì wò: okùnfà nìyẹn. Àjẹsára bàjẹ́: ipa ni. Ìkìlọ̀ tí ẹ ṣe fún un ni àtúnṣe. Bí ẹ bá sì ní ẹ̀rọ kékeré tó ń kọ ìwọ̀n ìgbóná sílẹ̀ nínú fíríìjì yín bíi tiwa, ẹ fi kún okùnfà pé aláàmù rẹ̀ ti bàjẹ́, nítorí bí kò bá bàjẹ́ ni, ẹnì kan ìbá ti gbọ́ ọ lóru.

Ọlọ́jọ́pípẹ́:

Nọ́ńbà tí Ṣẹ̀yẹ ní kí ẹ fi sí i dára, ṣùgbọ́n ẹ má fi í sí gbólóhùn. Ohun kọ̀ọ̀kan tí gbólóhùn náà ń sọ ni kí ẹ fi nọ́ńbà sí. Ẹ wo gbólóhùn yín àkọ́kọ́. Ó sọ pé iná lọ. Ó sọ pé iná dé. Ó sọ pé fíríìjì kò ṣiṣẹ́. Ó sọ pé nọ́ọ̀sì kò yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà ló wá fi "nítorí pé" so ìkẹrin mọ́ ìkẹta. Mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ohun tí èèyàn lè mú ìwé jáde lé lórí. Ìkẹrin jẹ́ ohun tí ẹnì kan sọ, a kò sì mọ ẹni tó sọ ọ́. "Nítorí pé" yẹn ní tirẹ̀ jẹ́ èrò ẹni tó kọ ìtàn. Ẹ ti dá ẹjọ́ kí ẹ tó pe ẹlẹ́rìí, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì fi ń yọjú ní abala mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Abala àkókò ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí ẹ sì kọ ọ́ bí ẹni pé ẹ kò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe parí. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ aago, ohun tó ṣẹlẹ̀, àti ibi tí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Kò gbọdọ̀ sí "nítorí", "ó yẹ kí", "ó gbàgbé" tàbí "lójijì" nínú rẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá rí ìwé tàbí ẹlẹ́rìí fún, ẹ jẹ́ kí ìlà rẹ̀ wà níbẹ̀, kí ẹ kọ "a kò tíì mọ̀" síwájú rẹ̀. Òfìfo bẹ́ẹ̀ ló máa ń darí èèyàn síbi tó yẹ kó ti wádìí.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun mìíràn, ẹ bá wa wá nǹkan mẹ́ta: ìwé tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń kọ ọ̀rọ̀ iná sí, àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná náà, àti ìwé tí ẹ ń kọ iye àjẹsára tó wọlé àti èyí tó jáde sí.

Ọ̀gá Ilé-ẹrù:

Ẹ jọ̀wọ́, mo ní irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́. Páálí ọjà já bọ́ láti orí pẹpẹ òkè ní ilé-ẹrù wa, kò bá ẹnikẹ́ni, ọjà kò sì bàjẹ́. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní kí n kọ ìwé. Ṣé kí n kọ abala ipa, àbí kí n fo ó? Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá kọ pé kò sí ipa, wọn kò ní san owó.

Ọlọ́jọ́pípẹ́:

Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ owó adójútòfò yàtọ̀ sí ohun tí a ń sọ níhìn-ín, fọ́ọ̀mù tiwọn ló máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ìròyìn inú ilé, ẹ má fo abala ipa. Ẹ kọ ohun tí ẹ yẹ̀ wò tí ẹ fi mọ̀ pé kò sí ìpalára: ta ló wà nítòsí, ṣé wọ́n tú páálí náà wò, ṣé pẹpẹ náà kò tẹ̀. Ẹni tó bá ka àyè tó ṣófo kò ní mọ̀ bóyá kò sí ipa ni, tàbí pé ẹnikẹ́ni kò wò ó.

Àdùkẹ́ Akọ̀wé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ti rí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ náà sì tún wá dojú rú. Ẹ̀ṣọ́ kọ ọ́ pé iná lọ ní 22:40, ó dé ní 23:25, ó sì fi kún un pé iná tó dé náà ń ṣe bàìbàì. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná máa ń kọ nǹkan sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ó fi hàn pé dígírì 5 ni inú fíríìjì wà títí di 22:00, pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ní 22:10, pé ó sì kọjá 8 fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 01:20, nígbà tó di 8.1.

Ìgbóná ti ń gòkè ní 22:10, bẹ́ẹ̀ iná kò lọ títí di 22:40! Báwo ló ṣe jẹ́?

Ṣẹ̀yẹ:

Ó ti hàn báyìí. Fíríìjì yẹn ti bàjẹ́ kí iná tó lọ. Ẹ kọ ọ́ sí okùnfà, kí ẹ fi nọ́ọ̀sì sílẹ̀.

Ọlọ́jọ́pípẹ́:

Ẹ rọra ná. Nígbà tí àbájáde bá ṣáájú ohun tó yẹ kó fà á, aago ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ìwé méjì tí kò lo aago kan náà ni ẹ tò pọ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná náà sí ẹ̀gbẹ́ fóònù yín, kí ẹ wo aago ojú rẹ̀ àti ti fóònù ní ìṣẹ́jú kan náà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú aago ara ògiri tí ẹ̀ṣọ́ ń wò. Ẹ má tún aago kankan ṣe kí ẹ tó kọ ìyàtọ̀ náà sílẹ̀, nítorí bí ẹ bá ti tún un ṣe, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn.

Àdùkẹ́ Akọ̀wé:

Òótọ́ lẹ sọ. Nígbà tí fóònù mi wà ní 10:45, ojú ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná wà ní 10:05. Aago ògiri bá fóònù mu. Ẹ̀rọ náà fi ogójì ìṣẹ́jú rẹ̀yìn, ó sì jọ pé bí wọ́n ṣe tò ó ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e síbẹ̀ náà nìyẹn. Mo fi ogójì ìṣẹ́jú kún aago rẹ̀ gbogbo, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ ní òkè abala náà. Ẹ wo ohun tí mo rí:

22:40 – Iná lọ (ìwé ẹ̀ṣọ́).
22:50 – Ìgbóná inú fíríìjì kejì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti dígírì 5 (ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná, aago tí a ti tún ṣírò).
23:25 – Iná dé, ó ń ṣe bàìbàì (ìwé ẹ̀ṣọ́). Fíríìjì kìíní ṣiṣẹ́ padà. Ìgbóná fíríìjì kejì kò sọ̀kalẹ̀ (ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná inú fíríìjì méjèèjì).
02:00 – Ìgbóná kọjá dígírì 8 (ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná).
07:15 – Òṣìṣẹ́ àárọ̀ ṣí yàrá, ó rí dígírì 14 lójú fíríìjì kejì. Iná ara sítébíláísà rẹ̀ kò tàn (òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́).
07:40 – Wọ́n kó àjẹsára lọ sínú fíríìjì kìíní.
11:30 – Wọ́n kó àjẹsára náà dànù. Ẹni tó pàṣẹ: a kò tíì mọ̀.

Ọlọ́jọ́pípẹ́:

Èyí ti di iṣẹ́ gidi. Ẹ kíyè sí i pé láti ìgbà tí ẹ ti kọ ọ́ báyìí, nọ́ọ̀sì ti kúrò nínú rẹ̀ láìsí ẹni tó lé e. Bí ẹ bá fẹ́ dá a padà, ẹ ní láti rí aago kan tí nọ́ọ̀sì náà ní iṣẹ́ láti ṣe tí kò sì ṣe é.

Ìlà 07:40 náà ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lọ. Ìtàn yín àkọ́kọ́ sọ ìgbà tí ẹ rí i nìkan. Ṣùgbọ́n láti 02:00 ni ìpalára ti bẹ̀rẹ̀, 07:40 ló sì dúró, kì í ṣe 07:15. Wákàtí márùn-ún àti ogójì ìṣẹ́jú nìyẹn, ó lè fi tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lé, nítorí bí ẹ̀rọ náà ṣe ń kọ nǹkan sílẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló yẹ kó ṣíwájú ní abala ipa.

Apòògùn Àṣálẹ́:

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ ipa àti ti aláàmù, iṣẹ́ mi ni.

Aláàmù kò bàjẹ́, Ṣẹ̀yẹ. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí a fi ń ṣọ́ àjẹsára ni wọ́n ti tò láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é pé kó má kìlọ̀ àyàfi bí ìgbóná bá kọjá dígírì 8 fún wákàtí mẹ́wàá láìdáwọ́ dúró, tàbí bí ó bá lọ sí ìsàlẹ̀ dígírì òdì 0.5 fún ìṣẹ́jú ọgọ́ta. Wákàtí márùn-ún àti ogójì ìṣẹ́jú kò tíì tó. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé aláàmù bàjẹ́, wọn á ra òmíràn, òmíràn náà yóò sì dákẹ́ lọ́jọ́ mìíràn gẹ́gẹ́ bí eléyìí ṣe dákẹ́. Ẹ tẹ bọ́tìnì rẹ̀, kí ẹ ka bí wọ́n ṣe tò ó, kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Ní ti ipa, mo fẹ́ kí ẹ yọ "gbogbo àjẹsára sì bàjẹ́" kúrò. Ẹ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ mọ̀ ni pé wọ́n wà lókè dígírì 8 fún iye wákàtí báyìí, àti pé ẹ kó wọn dànù. Àjẹsára kò gba ooru bákan náà. Ti rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu kò fara da ooru rárá. Ti àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B máa ń fara dà á dáadáa, yìnyín ló ń bà á jẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgò ló sì ní àmì onígun mẹ́rin kékeré kan láàárín òbírí, èyí tó máa ń dúdú sí i bí ooru ṣe ń bá a; títí dìgbà tí àwọ̀ onígun mẹ́rin náà bá fi dọ́gba pẹ̀lú ti òbírí, ooru kò tíì ba ti inú ìgò náà jẹ́. Ohun tó yẹ ni kí ẹ fi wọ́n pa mọ́ sínú òtútù dígírì 2 sí 8, kí ẹ kọ "ẹ má lò ó" sí i lára, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ní àṣẹ. Ìparun wọn jẹ́ ìpinnu tí ẹnì kan ṣe ní 11:30, ìpinnu sì ní okùnfà tirẹ̀.

Àdùkẹ́ Akọ̀wé:

Mo ti tẹ bọ́tìnì rẹ̀, mà. Wákàtí mẹ́wàá gan-an ni wọ́n tò ó sí. Ìwé àjẹsára sì fi hàn pé dóòsì 160 ni a kó dànù: 100 ti rọpárọsẹ̀, 60 ti mẹ́dọ̀wú. Ẹnikẹ́ni kò wo àmì ara ìgò, àwọn ìgò náà kò sì sí mọ́. A kò fún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́ láti inú fíríìjì yẹn láàárín 02:00 sí 07:40. Mo tún rí ohun kan tí n kò rántí kọ tẹ́lẹ̀: ọmọ 23 ni a dá padà sílé láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta náà nítorí àìsí àjẹsára.

Apòògùn Àṣálẹ́:

Ẹ kọ iye ọmọ náà kí ẹ tó kọ ti dóòsì. Ẹ kọ pẹ̀lú iye wọn tó ti padà wá, nítorí èyí tí kò padà wá ni ipa tí kò tíì dópin. Ní ti dóòsì, mo lè kọ gbólóhùn yín báyìí: "Dóòsì 160 wà lókè dígírì 8 fún wákàtí márùn-ún àti ogójì ìṣẹ́jú, ó sì ga tó dígírì 14. A kó gbogbo rẹ̀ dànù láì wo àmì ara ìgò. Nítorí náà a kò lè sọ iye tó ṣì wúlò nínú wọn." Ó korò láti kọ, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ lè jẹ́rìí sí nìyẹn.

Ṣẹ̀yẹ:

Mo gbà lórí aláàmù. Ṣùgbọ́n lórí nọ́ọ̀sì, n kò tíì gbà. Bí ó bá ti wò ó ní agogo méjìlá òru, àjẹsára kò ní gbóná. Kí ló dé tí a fi ń fi orúkọ ṣeré? Ẹni tó jẹbi ló yẹ kó wà nínú okùnfà.

Ọlọ́jọ́pípẹ́:

Ìbéèrè méjì wà nínú èyí, Ṣẹ̀yẹ. Kí ló mú kí fíríìjì kú, kí ló sì mú kó pẹ́ kí a tó mọ̀? Àìwò nọ́ọ̀sì kò lè pa fíríìjì láéláé. Bí ó bá ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, abẹ́ ìbéèrè kejì ló wà. Níbẹ̀, ẹ fi nọ́ọ̀sì mìíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́kàn yín, èyí tó dára jù lọ tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì fún un ní iṣẹ́ kan náà, yàrá kan náà, aláìsàn kan náà. Ṣé yóò lọ wo fíríìjì ní 23:25? Bí iṣẹ́ náà kò bá sí nínú ìwé iṣẹ́ alẹ́, tí yàrá àjẹsára sì wà ní títì, òun náà kò ní lọ. A jẹ́ pé àìsí iṣẹ́ yẹn nínú ìwé ni ẹ ó kọ. Bí ó bá wà nínú ìwé, tó fọwọ́ sí i pé òun wò ó, tí kò sì wò ó, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ni yóò gbọ́ ọ.

Àdùkẹ́ Akọ̀wé:

Kò sí nínú ìwé iṣẹ́ alẹ́. Ọ̀dọ̀ alábòójútó àjẹsára ni kọ́kọ́rọ́ yàrá náà máa ń wà, ó sì máa ń lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́.

Ṣẹ̀yẹ:

Ó dára, mo gbà fún ti eléyìí. Síbẹ̀ n kò gbà pé kí a má kọ orúkọ rárá nínú irú ìròyìn báyìí. Àwọn ọ̀gá kan máa ń fi "ètò iṣẹ́" bo ẹni tiwọn mọ́lẹ̀.

Bàbá Ẹ̀rọ:

Ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì tán, ẹnikẹ́ni kò béèrè sítébíláísà. Ohun tó pa fíríìjì yín nìyẹn. Àwọn kan wà tí wọn kò ní tàn padà bí iná bá dé àyàfi bí èèyàn bá fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n. Ẹ lọ dán an wò: ẹ fi fíríìjì náà sílẹ̀ ní òfìfo, ẹ pa iná láti ara ògiri, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tan án padà, kí ẹ sì fún un tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí sítébíláísà fíríìjì kì í tètè gbé iná kọjá, ó máa ń dúró kí kọ́ńpírẹ́sọ̀ fi ara balẹ̀.

Àdùkẹ́ Akọ̀wé:

Bàbá, a dán an wò lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀gá wa. Ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì, ó tàn padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú márùn-ún. A kò fi ọwọ́ kàn án.

Bàbá Ẹ̀rọ:

Hẹn-ẹ́n. A jẹ́ pé kì í ṣe irú èyí tí mo rò. Ẹ rántí pé ẹ̀ṣọ́ yín kọ ọ́ pé iná ń ṣe bàìbàì. Bí agbára iná bá kéré ju ohun tí sítébíláísà lè gbé sókè, yóò gé e kúrò kó má bàa jó kọ́ńpírẹ́sọ̀. Òmíràn á padà bí iná bá gbéra. Òmíràn á jókòó síbẹ̀. Pípa iná láti ara ògiri kò lè fi ìyẹn hàn yín, iná tó dára lẹ fún un. Àfi kí oníṣẹ́ iná gbé ẹ̀rọ tó lè dín agbára iná kù wá. Ó sì lè jẹ́ pé púlọ́ọ̀gì ló dẹ̀. Ní tèmi, ẹ ra sítébíláísà tuntun kí ọ̀rọ̀ tán.

Ọlọ́jọ́pípẹ́:

N kò ní fọwọ́ sí rírà kí ẹ tó mọ̀, Bàbá. Bí ó bá jẹ́ púlọ́ọ̀gì ló dẹ̀, tuntun náà yóò kú lórí púlọ́ọ̀gì kan náà. Àdùkẹ́, ẹ kọ okùnfà báyìí: "Fíríìjì kejì kò rí iná gbà lẹ́yìn 23:25. A kò tíì fìdí ìdí rẹ̀ múlẹ̀. A ti yẹ sítébíláísà wò pẹ̀lú iná tó dára, ó sì tàn padà. A kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú iná tó lọ sílẹ̀, a kò sì tíì tú púlọ́ọ̀gì wò. Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ nítorí pé kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wo fíríìjì lẹ́yìn tí iná bá dé lóru, aláàmù tí a ní sì wà fún wákàtí mẹ́wàá, nínú yàrá tí a tì." Níhìn-ín, "nítorí pé" ti rí àyè tirẹ̀.

Ní abala àtúnṣe, ẹ yọ ìkìlọ̀ àti "kí wọ́n máa ṣọ́ra" kúrò. Ẹ bi ara yín léèrè pé bí alábẹ̀wò bá dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ni ẹ ó fi hàn án pé ẹ ṣe é? Kíkó àjẹsára lọ sí fíríìjì kìíní kò sí nínú abala yìí náà. Ó ti wà ní 07:40, ó kan dá ìpalára dúró ni. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó bá wọ abala yìí gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí ìlà kan nínú okùnfà, kó ní ipò ẹni tí yóò ṣe é, ọjọ́ tí yóò parí, àti ẹ̀rí.

Àdùkẹ́ Akọ̀wé:

Mo kọ mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì àgbà fi iṣẹ́ tuntun sínú ìwé alẹ́: bí iná bá lọ tó sì dé, kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wo fíríìjì méjèèjì lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùndínlógún, kó kọ ìgbóná wọn sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i, kọ́kọ́rọ́ kejì yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oníṣẹ́ iná yóò yẹ púlọ́ọ̀gì àti sítébíláísà wò, yóò sì fi àbájáde rẹ̀ sínú ìwé. Alábòójútó àjẹsára yóò máa fi aago ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná wé ti fóònù ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìtọ́sọ́nà kan yóò wà lára ilẹ̀kùn fíríìjì lórí ohun tí a ó ṣe fún àjẹsára tí ooru bá bá, kí ẹnikẹ́ni tó kó o dànù. Gbogbo wọn ní ọjọ́ tí wọn yóò parí, àyàfi ti oníṣẹ́ iná tí kò tíì dáhùn.

Àmọ́ fọ́ọ̀mù náà ní àyè kan ní ìsàlẹ̀ fún ọjọ́ tí a pa ìṣẹ̀lẹ̀ dé, ọ̀gá wa sì fẹ́ kí n fi ọjọ́ òní sí i.

Apòògùn Àṣálẹ́:

Ẹ má fi sí i. Ẹ kò tíì mọ ohun tó pa fíríìjì, ẹ kò sì tíì sọ fún wa iye àwọn ọmọ 23 yẹn tó ti padà wá.

Àdùkẹ́ Akọ̀wé:

Mọ́kàndínlógún ti padà wá, mà. Mo ń wá mẹ́rin.